Orúkọ Ibi Lórí Máàpù Tí A Yà ní Fọ́tò: Ìgbà Wo Ni Ká Túmọ̀, Ìgbà Wo Ni Ká Pààrọ̀ Lẹ́tà?

Ẹnìkan ya máàpù ilẹ̀ òkèèrè ní fọ́tò, ó fẹ́ kọ àwọn orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ní Yorùbá, ló bá bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ó ń túmọ̀ gbogbo ohun tó bá rí. Kó tó parí, odò kan ti di "Odò Ńlá", ìlú kan ti di "Ìlú Ìsàlẹ̀", kò sì sí ẹni tó lè fi orúkọ wọ̀nyẹn wá ibi náà rí mọ́. Ẹlòmíràn á sá fún ìyẹn, á wá pààrọ̀ lẹ́tà gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan ọ̀rọ̀ tí kò ju "erékùṣù" lásán lọ. Máàpù tirẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ bóyá omi ni tàbí ilẹ̀.

Máàpù kan ṣoṣo ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ títí dé òpin: máàpù èdè Rọ́ṣíà tó fi ìkángun ìlà-oòrùn Sàìbéríà hàn, láti odò Indigirka àti odò Kolyma títí dé ibi tí Rọ́ṣíà ti dojú kọ Alásíkà. Mo yàn án nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà ló pàdé níbẹ̀. Ẹni tí máàpù tirẹ̀ bá wà ní èdè míì lè gba ọ̀nà kan náà. Lẹ́tà ló máa yàtọ̀.

Tí mo bá ní "pààrọ̀ lẹ́tà", ohun tí mò ń sọ ni pé ká gbé orúkọ kúrò nínú lẹ́tà èdè kan bọ́ sínú lẹ́tà èdè míì láìfọwọ́ kan ìtumọ̀ rẹ̀. "Túmọ̀" ni pé ká fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní ìtumọ̀ kan náà rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

- Máàpù náà fúnra rẹ̀, tó bá ṣeé ṣe, kó o lè tún ibi tí kò hàn yà.
- Ìwé alátẹ lórí kọ̀ǹpútà, tó ní òpó márùn-ún: orúkọ bó ṣe wà lórí fọ́tò, irú nǹkan tó jẹ́, orúkọ ní lẹ́tà Látìn, orúkọ tó máa wọ máàpù Yorùbá, àti àlàyé.
- Àtẹ ìpààrọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo. Fún èdè Rọ́ṣíà, èyí tí mo máa ń lò ni ti BGN/PCGN ọdún 1947, ìyẹn àtẹ tí ìgbìmọ̀ orúkọ ibi ti Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ń lò, nítorí pé kò fi àmì púpọ̀ sórí lẹ́tà, ó sì ṣeé tẹ̀ lórí bọ́tìnnì èyíkéyìí.
- Ibi tí o ti lè wá orúkọ: GEOnet Names Server, ìyẹn àkójọ orúkọ ibi ti ìjọba Amẹ́ríkà, tàbí OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kún. Lórí OpenStreetMap, orúkọ ní èdè Rọ́ṣíà wà lábẹ́ `name:ru`.

Má ṣe dá àtẹ lẹ́tà tìrẹ sílẹ̀. Má sì fi àkọtọ́ Yorùbá pààrọ̀ lẹ́tà ní òpó kẹta. Èdè wa kò ní v, kò ní z, p tiwa sì ní ìró tirẹ̀. Tó o bá sọ gbogbo rẹ̀ di Yorùbá látìbẹ̀rẹ̀, o ò ní lè padà mọ lẹ́tà tó wà lórí fọ́tò. Àkọtọ́ Yorùbá wà fún orúkọ tó ti wọ ẹnu àwa fúnra wa, bíi Rọ́ṣíà, Sàìbéríà àti Alásíkà.

1. Ya fọ́tò náà kó ṣeé kà

Tẹ́ máàpù sílẹ̀ pẹrẹsẹ, gbé fóònù sókè rẹ̀ gangan kó má dagun, kí ìmọ́lẹ̀ sì máa wá láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Pa iná fóònù, torí ó máa ń fọ lẹ́tà funfun níbi tí bébà bá ti ń dán. Kọ́kọ́ ya gbogbo máàpù lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà kó o wá yà á ní apá-apá, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wọ inú èkejì ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta. Orúkọ òkun àti ti odò gígùn máa ń fọ́n káàkiri, lẹ́tà kan níbí, òmíràn lókèèrè. Bí fọ́tò kò bá wọnú ara wọn, orúkọ á gé sí méjì láìfura.

Etí máàpù tí àwọn èèyàn máa ń gé dànù ṣe pàtàkì gan-an. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ìlà ìbú àti ìlà òró wà, ibẹ̀ náà sì ni àlàyé àmì máa ń wà. Láìsí wọn, o ò ní lè yẹ orúkọ kankan wò.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* fẹ fọ́tò náà lójú títí tí orúkọ tó kéré jù lọ fi máa kún ojú fóònù. Ṣé o lè rí àmì orí й yàtọ̀ sí и? Ṣé o lè rí ìrù kékeré tó wà lábẹ́ щ tí kò sí lábẹ́ ш? Bí o kò bá rí i, tún un yà láti ibi tó sún mọ́ ọn.

2. Kọ orúkọ sílẹ̀ ní lẹ́tà tirẹ̀ kó o tó ṣe ohunkóhun

Má ṣe láti inú fọ́tò lọ tààrà sí Yorùbá. Tẹ orúkọ sí òpó àkọ́kọ́ ní lẹ́tà Rọ́ṣíà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú ìgékúrú rẹ̀ àti lẹ́tà ńlá tàbí kékeré rẹ̀. Òpó yìí ni ẹ̀rí rẹ.

Ọ̀fìn méjì ló wà níbí. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà tó jọ tiwa ṣùgbọ́n tí kì í ṣe tiwa: В ni v, Н ni n, Р ni r, С ni s, Х ni kh. Ìdí nìyẹn tí Певек fi máa ń di "Pebek" lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú, nígbà tó jẹ́ Pevek. Anadyr, tí wọ́n kọ ní Анадырь, náà ti di "Ahadyp" lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ọ̀fìn kejì jìn jù ìyẹn lọ, torí kò sí nínú àtẹ lẹ́tà. Lórí máàpù Rọ́ṣíà, lẹ́tà tó dagun ni wọ́n sábà máa ń fi kọ orúkọ omi. Nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, àwọn kan máa ń pa ìrísí dà: и á dà bí u, т á dà bí m, п á dà bí n, д á dà bí g, г á sì dà bí s tó kọjú sẹ́yìn. Wo odò Индигирка. Tí wọ́n bá fi lẹ́tà adagun kọ ọ́, ẹni tí kò mọ̀ yóò rí "hgusupka" lẹ́yìn lẹ́tà àkọ́kọ́. Indigirka ni. Torí náà, tí orúkọ omi kan bá jade ní ìró tí ẹnu kò lè pè, kọ́kọ́ fura sí lẹ́tà adagun.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ka iye lẹ́tà tó wà lórí fọ́tò àti iye tí o tẹ̀. Tí kò bá dọ́gba, o fo lẹ́tà kan, ó sì sábà máa ń jẹ́ ь, tí kò ní ìró tirẹ̀.

3. Ya irú nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ

Apá méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ orúkọ orí máàpù: ọ̀rọ̀ tó sọ irú nǹkan tó jẹ́, àti orúkọ tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ irú nǹkan la máa ń túmọ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìgékúrú:

```
р.     odò
оз.    adágún
о.     erékùṣù
о-ва   àwọn erékùṣù
м.     ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun
прол.  ọ̀nà omi tóóró láàárín ilẹ̀ méjì
зал.   apá òkun tó wọ inú ilẹ̀
```

Níbi tí Yorùbá kò ti ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa gbà, yan èyí tó ṣe kedere, kọ ọ́ sínú àlàyé àmì máàpù rẹ, kó o sì dúró lórí rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, "Ṣóńṣó Ilẹ̀" ni màá lò fún м., "Ọ̀nà Omi" fún прол., "Apá Òkun" fún зал.

Ìṣọ́ra wà lórí ìgékúrú tó jọra. Tí fọ́tò bá ti pa з rẹ́, оз. á di о., adágún á sì di erékùṣù. Má ṣe méfò. Wo àwọ̀ tó wà nínú ìlà tó yí i ká. Omi nínú, ilẹ̀ níta: adágún ni. Ilẹ̀ nínú, omi níta: erékùṣù ni. Bákan náà ni г., tó lè jẹ́ ìlú ńlá nínú ìwé kíkà, ṣùgbọ́n tó sábà máa ń jẹ́ òkè lórí máàpù. Bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ṣóńṣó òkè àti nọ́ńbà gíga, òkè ni.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* gbogbo ìlà òpó kejì gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn, kí ìdáhùn náà sì bá àmì orí máàpù mu. Èyí tí o kò lè dáhùn, fi àmì ìbéèrè sí i kó o kọjá. Ìpele tó ń bọ̀ kò ṣeé ṣe fún un títí o fi máa mọ irú ohun tó jẹ́.

4. Pinnu lórí orúkọ gan-an

Ìbéèrè mẹ́ta ni màá bi orúkọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yìí. Èyí tó bá kọ́kọ́ ní ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" ló parí ọ̀rọ̀.

*Ṣé ibi náà ti ní orúkọ tí àwọn òǹkàwé mi mọ̀?* Lókè máàpù wa, wọ́n kọ Северный Ледовитый океан. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, "Agbami Òkun Oníyìnyín ti Àríwá" ni. Ó tọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀, ṣùgbọ́n òǹkàwé á rò pé òkun míì ni. Òkun Árítíkì ni. Bákan náà ni Восточно-Сибирское море ṣe di Òkun Ìlà-Oòrùn Sàìbéríà, tí Новосибирские о-ва tó wà ní etí ìwọ̀-oòrùn máàpù sì di Àwọn Erékùṣù Sàìbéríà Tuntun, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni èdè púpọ̀ ti túmọ̀ wọn tipẹ́, ìtumọ̀ náà la sì fi mọ̀ wọ́n.

*Ṣé ibi tí èèyàn ń gbé ni?* Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, pààrọ̀ lẹ́tà gbogbo orúkọ náà, má túmọ̀ ohunkóhun nínú rẹ̀. Нижнеколымск ní "ìsàlẹ̀ Kolyma" nínú, síbẹ̀ Nizhnekolymsk ni. Wo bí ìbéèrè yìí ṣe ya ohun méjì tó jọra: ọ̀rọ̀ "tuntun" àti "Sàìbéríà" kan náà ló wà nínú orúkọ àwọn erékùṣù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ àti nínú orúkọ ìlú ńlá Новосибирск. Ṣùgbọ́n Novosibirsk là ń pe ìlú náà. Orúkọ ìlú wà lórí ìwé ìrìnnà, lórí lẹ́tà, lórí pátákó ọ̀nà. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ ti gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀.

Ibi tó le jù lọ lórí máàpù yìí wà ní etíkun àríwá, níbi tí orúkọ méjì ti sún mọ́ ara wọn. Ọ̀kan ni м. Шмидта, èkejì ni Мыс Шмидта pẹ̀lú àmì ibùgbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Мыс ni ọ̀rọ̀ tí м. gé kúrú, nítorí náà ó dà bíi pé ohun kan náà ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ṣóńṣó ilẹ̀, tí a máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ irú nǹkan inú rẹ̀: Ṣóńṣó Ilẹ̀ Schmidt. Èkejì ni ibùgbé tó gba orúkọ lọ́dọ̀ ṣóńṣó ilẹ̀ náà, tí Мыс ti di ara orúkọ rẹ̀. Mys Shmidta ló máa jẹ́, láìtúmọ̀. Àmì ibùgbé ló yà wọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí ìpele kẹta fi ní láti ṣáájú.

*Ṣé orúkọ ibòmíràn ni wọ́n sọ di ọ̀rọ̀ àpèjúwe?* Èdè Rọ́ṣíà máa ń fi -ский, -ская tàbí -ское sí ìparí orúkọ ibì kan láti fi pe ibòmíràn. Анадырский зал. ni apá òkun tó jẹ́ ti Anadyr. Níwọ̀n bí Anadyr ti wà lórí máàpù kan náà, bọ́ ìparí yẹn kúrò: Apá Òkun Anadyr. Òǹkàwé á rí i lójú ẹsẹ̀ pé méjèèjì tan mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí o kò bá rí ibi tí orúkọ náà ti wá, má ṣe gé e. Fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Gígé tí kò dájú máa ń bí orúkọ tí kò sí níbì kankan láyé.

Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ "rárá", pààrọ̀ lẹ́tà, kó o sì gbé ìtumọ̀ lọ sí òpó àlàyé. Odò méjì tó pàdé ara wọn kí wọ́n tó wọ inú Kolyma ni Большой Анюй àti Малый Анюй, ìyẹn Anyuy ńlá àti Anyuy kékeré. Odò Bolshoy Anyuy àti Odò Malyy Anyuy ni màá kọ. Ìdánwò máa ń wà láti kọ "Anyuy Ńlá", ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wá odò náà tàbí tó fẹ́ béèrè rẹ̀ nílẹ̀ ibẹ̀ nílò ìró rẹ̀. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kó o ju ọ̀rọ̀ "ńlá" àti "kékeré" nù pátá. Odò méjì á di ọ̀kan.

Ìyàtọ̀ kan náà ló wà láàárín òkun àti odò níbòmíràn ní Rọ́ṣíà. Белое море ni Òkun Funfun ní èdè púpọ̀, ṣùgbọ́n odò tó ń jẹ́ Белая, tó túmọ̀ sí "funfun" bákan náà, Odò Belaya ló ń jẹ́. Tí o kò bá dájú, ìró ni kó o dì mú. Ẹni tó bá ní ìró lè wá ìtumọ̀ rí. Ẹni tó bá ní ìtumọ̀ nìkan kò lè padà rí ìró.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* mú orúkọ márùn-ún láti òpó kẹrin, tẹ èyí tó wà ní òpó kẹta fún wọn sínú OpenStreetMap. Ṣé ó gbé ọ dé ibi tí máàpù rẹ fi wọ́n sí?

5. Orúkọ tó jẹ́ ti ènìyàn

Ibí yìí ni mo ti ń rí àṣìṣe jù lọ nínú iṣẹ́ tó dára ní gbogbo ọ̀nà yòókù, torí náà màá rọra sọ ọ́.

Ní èdè Rọ́ṣíà, tí nǹkan bá jẹ́ ti ẹnìkan, ìparí orúkọ ẹni náà máa ń yí padà. Ní ìkángun ìlà-oòrùn pátápátá, wọ́n kọ м. Дежнёва. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ ni Semyon Dezhnev, tó wọ ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ ní 1648. Дежнёв ni orúkọ rẹ̀. -А tó wà ní ìparí dà bí "ti" tiwa. Tí o bá kọ "Ṣóńṣó Ilẹ̀ Dezhneva", o ti kọ "ti" lẹ́ẹ̀mejì, o sì ti yí orúkọ ọkùnrin náà padà. Ṣóńṣó Ilẹ̀ Dezhnev ló tọ́.

Lẹ́yìn tí o bá ti bọ́ ìparí náà kúrò, béèrè bóyá lẹ́tà Rọ́ṣíà ni orúkọ ẹni náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, dá a padà sí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé rẹ̀. Ibí yìí ni lẹ́tà ti ń rìn lọ tó sì gbọ́dọ̀ padà:

```
о. Врангеля  -> Vrangelya -> Врангель -> Erékùṣù Wrangel
прол. Лонга  -> Longa     -> Лонг     -> Ọ̀nà Omi Long
м. Шмидта    -> Shmidta   -> Шмидт    -> Ṣóńṣó Ilẹ̀ Schmidt
```

Ferdinand von Wrangel sin Rọ́ṣíà nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n lẹ́tà Látìn ni ìdílé rẹ̀ fi ń kọ orúkọ wọn, W sì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Vrangel" kò burú láti fi wá ibi náà, nítorí náà fi í sílẹ̀ sí òpó kẹta. Ohun tó máa wọ máàpù ni Wrangel.

Ọ̀nà Omi Long nílò ìṣọ́ra àkànṣe. Thomas Long ni ọ̀gákọ̀ apẹja àbùùbùtán ará Amẹ́ríkà tó débẹ̀ ní 1867. Ẹni tó bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá orúkọ náà mọ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni, kó wá kọ "Ọ̀nà Omi Gígùn". Kì í ṣe gígùn. Orúkọ ọkùnrin kan ni. Àmì tó máa ta ọ́ lólobó ni -а ìparí: ọ̀rọ̀ àpèjúwe Rọ́ṣíà kì í parí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn прол., orúkọ ènìyàn ló máa ń parí bẹ́ẹ̀.

Берингов прол., tó wà láàárín Rọ́ṣíà àti Alásíkà, gba ìparí míì, -ов, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni: Ọ̀nà Omi Bering.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* fún orúkọ ènìyàn kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ àti iṣẹ́ ẹni náà sí òpó àlàyé. Bí o kò bá mọ ẹni náà, má bọ́ ìparí kankan. Fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí pé ó lè jẹ́ orúkọ àdúgbò tó parí sí -а lásán, bíi Kolyma.

6. Fi ibùdó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kó o tó kọ ọ́ sórí máàpù

Láti etí fọ́tò, ka ìlà ìbú àti ìlà òró ibi kọ̀ọ̀kan tó o ṣiyèméjì lé lórí, kó o sì wá a nínú GEOnet Names Server. Lórí máàpù yìí gan-an, ohun kan máa ń da àwọn èèyàn rú: ìlà òró 180 gba àárín rẹ̀ kọjá. Lápá òsì ìlà náà, nọ́ńbà ń pọ̀ sí i, ìlà-oòrùn ni wọ́n sì ń pè é. Tí o bá kọjá rẹ̀, nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n sì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà-oòrùn lo ṣì ń lọ. Ibùgbé Уэлен, Uelen, wà ní bíi 66° àríwá àti 170° ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá kọ 170° ìlà-oòrùn á bá ara rẹ̀ nínú ilẹ̀ tó jìnnà síbẹ̀ gan-an, á wá rò pé orúkọ ló ṣì kà.

Tí ibùdó bá bára mu ṣùgbọ́n tí orúkọ yàtọ̀, padà sí òpó àkọ́kọ́ kó o tún fọ́tò wò. Bí fọ́tò bá ṣe kedere, tó sì yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí ẹ̀rọ, má ṣe pa ti fọ́tò rẹ́. Ibì kan lè ti yí orúkọ padà lẹ́yìn tí wọ́n tẹ máàpù rẹ. Kọ ti fọ́tò sórí máàpù, kó o fi tuntun sí àlàyé, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n tẹ máàpù náà.

Nígbà tí o bá ń kọ ọ́ sórí máàpù, fi lẹ́tà adagun kọ orúkọ omi bíi ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ omi lójú kan. Lẹ́tà Látìn kì í yí ìrísí padà bí ti Rọ́ṣíà, nítorí náà kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* fún ẹlòmíràn tó mọ lẹ́tà Rọ́ṣíà ní òpó kẹta nìkan, láìfi fọ́tò hàn án, kó padà kọ orúkọ mẹ́wàá ní lẹ́tà ìpilẹ̀ṣẹ̀. Fi ohun tó kọ wé òpó àkọ́kọ́. Níbi tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti yàtọ̀, ó lè jẹ́ pé o kò tẹ̀ lé àtẹ lẹ́tà rẹ dé òpin, tàbí pé o ti bọ́ ìparí orúkọ kúrò ní òpó tí kò yẹ. Òpó kẹrin nìkan la ti ń ṣe ìyẹn.